Ẹ Má Tíì Nu Káàdì: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ń Fi rsync Kó Fódà Ńlá Sínú Háàdì

Ẹ̀yin oníṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ní Òrè, Odigbó àti Aráròmí-Obu, àti ẹ̀yin tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ìwé tàbí ti ìjọ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni ìkìlọ̀ yìí wà fún. Bí ẹ bá ń fi `rsync` kó fódà ńlá lọ sínú háàdì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tí iná sì lọ kí iṣẹ́ tó parí, ẹ má ṣe gbà pé ohun tí ẹ bá nínú háàdì náà ti pé. Ẹ má sì fọkàn balẹ̀ nítorí pé ẹ kọ `--partial` mọ́ àṣẹ yín. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló kú, `--partial` ò ní ráyè ṣe ohunkóhun.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé káàdì kámẹ́rà kì í sinmi. Bí ìgbéyàwó Sátidé bá ṣe ń tán, ìsìnkú Jímọ̀ tó ń bọ̀ ti ń dúró de káàdì kan náà. Ẹni tó bá ti rí orúkọ gbogbo fáìlì nínú háàdì á nu káàdì, á pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́, á sì gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká. Ọjọ́ tí ìyàwó bá wá ní òun fẹ́ rí ibi tí bàbá òun ti súre fún òun, fídíò náà á ṣí, á dé àárín, á sì dúró pa. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni tún máa lọ wá a sí mọ́.

Iṣẹ́ tí a ó fi ṣàlàyé

Ká ní fódà kan wà tó ń jẹ́ `Igbeyawo`, tí ohun inú rẹ̀ tó 180 gígábáìtì. Fọ́tò àti fídíò kéékèèké ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n fídíò àpapọ̀ tí wọ́n ti tò pọ̀ tán wà láàárín wọn, òun nìkan tó 40 gígábáìtì, orúkọ rẹ̀ sì ni `Apapo.mp4`. Inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń lo Ubuntu ni fódà náà wà, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó fọ́tò àti fídíò jáde láti inú káàdì, háàdì tí wọ́n fẹ́ kó o lọ sì ń jẹ́ `IPAMO`.

Bí wọ́n bá so háàdì náà mọ́ ojú USB àtijọ́, ìyẹn USB 2, nǹkan bí 30 mẹ́gábáìtì ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo fódà náà á gba nǹkan bíi wákàtí kan àti 40 ìṣẹ́jú. Lójú USB 3, tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ búlúù, háàdì kan náà lè gba 100 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá, kí iṣẹ́ sì parí láàárín bí ìdajì wákàtí. Ẹ wá ojú búlúù náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí bí iṣẹ́ bá ṣe pẹ́ tó ni iná ṣe máa ń ráyè bá a tó.

Iná kúkú máa ń lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná wà ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, lójú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà tó gba Òrè kọjá láti Ṣàgámù lọ sí Bìní, síbẹ̀ kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìnkùlé. Iná tó lọ nìkan kọ́ ló sì ń ṣe jàǹbá. Ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ń yí iná padà láti ara ẹ̀rọ amúnáwá sí iná ìlú tó láti pa kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS. Ẹni tó ń lo lápútọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí háàdì rẹ̀ bá jẹ́ irú ńlá tó ní wáyà iná tirẹ̀, lápútọ́ọ̀pù á wà láàyè, háàdì á sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹrù ń lọ

Kí ẹ tó kó ohunkóhun, ẹ bi kọ̀ǹpútà bóyá háàdì náà wà níbi tí ẹ rò pé ó wà:

```
findmnt /media/studio/IPAMO
```

Bí kò bá dáhùn rárá, kò sí háàdì kankan lójú ọ̀nà yẹn. Bó bá dáhùn, ẹ wo ohun tó kọ sábẹ́ `FSTYPE`. Bí ẹ bá rí `vfat`, FAT32 nìyẹn, kò sì lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 gígábáìtì. `Apapo.mp4` ò ní wọ ibẹ̀ láéláé, bó ti wù kí àyè tó ṣẹ́ kù pọ̀ tó. Bó bá jẹ́ `exfat`, ó dára fún fídíò, háàdì náà á sì tún ṣí lórí Wíńdò oníbàárà. `ext4` náà dára, ṣùgbọ́n Wíńdò ò ní dá a mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ìdánwò tí kì í gbé nǹkan kan:

```
rsync -rtvhn /home/studio/Igbeyawo /media/studio/IPAMO/
```

Lẹ́tà `n` tó gbẹ̀yìn ló ní kí `rsync` kàn ka ohun tó fẹ́ ṣe fún wa, kó má tíì ṣe é. `-r` ni kó wọ inú gbogbo fódà kéékèèké, `-t` ni kó gbé déètì fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ bó ṣe wà. `-a` ti mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lára. Ó dára lórí `ext4`, ṣùgbọ́n exFAT ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹni tó ni fáìlì tàbí ẹni tó láṣẹ láti kà á. Bí ẹ bá lo `-a` níbẹ̀, ìráhùn lórí nǹkan wọ̀nyẹn lè kún ojú ẹ̀rọ débi tí ẹ ò fi ní rí àṣìṣe gidi tó bá wà láàárín wọn.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí àmì `/` lẹ́yìn `Igbeyawo` nínú àṣẹ náà. Bó ṣe wà yìí, fódà náà fúnra rẹ̀ ló máa wọnú háàdì. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní `Igbeyawo/`, ohun inú rẹ̀ nìkan ló máa tú sójú háàdì, á sì dà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn tó ti wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí àmì náà, kí iná lọ, kí ẹ wá fi àmì náà kún un nígbà tí ẹ ń tún un bẹ̀rẹ̀. `rsync` á wo ojú háàdì, kò ní bá ohun tó ti kó tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá já

Bí `rsync` bá ń kó fáìlì kan, kì í kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀ gan-an lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń ṣí fáìlì ìgbà díẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró, tó sì parí pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́fà tó ṣà jọ. `.Apapo.mp4.k3Zq9B` jẹ́ àpẹẹrẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Nítorí àmì ìdánudúró iwájú yẹn, fáìlì náà kì í hàn nínú fódà. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá wọlé tán ni `rsync` tó máa yí orúkọ rẹ̀ padà sí `Apapo.mp4`.

Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín dá iṣẹ́ náà dúró, ìyẹn ni pé ẹ tẹ Ctrl+C, `rsync` á ráyè palẹ̀ mọ́ kó tó kú. Láìsí `--partial`, á pa fáìlì ìgbà díẹ̀ náà rẹ́. Bí `--partial` bá wà, á fi orúkọ gidi pè é, á sì fi sílẹ̀ láìpé. Gbogbo ohun tí `--partial` ń ṣe kò ju ìyẹn lọ: ìpalẹ̀mọ́ ìkẹyìn ni. Kọ̀ǹpútà tí iná sì ti lọ lójú rẹ̀ kì í palẹ̀ mọ́.

Fún ìdí yìí, ká ní `Apapo.mp4` ti wọlé dé gígábáìtì 35 nígbà tí iná lọ. Bí iná bá dé, ẹ ò ní bá `Apapo.mp4` kankan nínú háàdì. Gígábáìtì 35 náà wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ tó fara pamọ́, `rsync` ò sì ní lò ó. Á ṣí fáìlì ìgbà díẹ̀ tuntun, á bẹ̀rẹ̀ láti òdo, òkú fáìlì àkọ́kọ́ á sì máa gba àyè lọ. Lẹ́yìn tí iná bá ti lọ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, háàdì á ní òun ti kún nígbà tí ohun tó hàn nínú rẹ̀ ò tíì tó ìdajì. Bí ẹ ṣe máa wá wọn rèé, nígbà tí `rsync` ò bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́:

```
find /media/studio/IPAMO -name '.*.??????'
```

Ẹ ka orúkọ tó bá jáde dáadáa kí ẹ tó pa èyíkéyìí rẹ́. Èyí tí orúkọ fáìlì yín gan-an bá wà láàárín rẹ̀ ni òkú.

Ohun kejì tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé, kódà bí `--partial` bá ti fi apá kan `Apapo.mp4` sílẹ̀, àṣẹ kan náà tí ẹ bá tún pa ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Àwọn fáìlì tó ti parí ni á fò, torí pé ìwọ̀n wọn àti déètì wọn bá ti orísun mu. Èyí tí kò pé, á tún un kó látòkèdélẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìtàn irinṣẹ́ náà. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló gbé e jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 1996, nítorí kọ̀ǹpútà méjì tó jìnnà síra, tí okùn ìsọfúnni àárín wọn sì lọ́ra. Níbẹ̀, ó dára kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ka fáìlì tọwọ́ wọn, kí wọ́n fi wéra, kí ó jẹ́ ibi tó yàtọ̀ nìkan ni wọ́n máa fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí háàdì tó so mọ́ ọn, `rsync` máa ń gbà pé kíka ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò yá ju kíkó gbogbo rẹ̀ lọ. Ó máa ń kó odidi fáìlì, àyàfi tí ẹ bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ tó ń bá iṣẹ́ lọ níbi tó dé

Fún háàdì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kó nǹkan sí, tí ẹ sì mọ̀ pé iná lè lọ, àṣẹ yìí ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí iná bá lọ tán:

```
rsync -rtvh --progress --no-whole-file --append-verify \
  /home/studio/Igbeyawo /media/studio/IPAMO/
```

`--no-whole-file` ló ń kọ̀ fún un pé kó má kó odidi fáìlì lákọ̀tun. `--append-verify` ló ní kó máa kọ ọ́ tààrà sí orúkọ gidi, láìsí fáìlì ìgbà díẹ̀, kó sì máa fi èyí tó kù lé èyí tó ti wà. Bí iná bá lọ ní gígábáìtì 35, ẹ ó bá `Apapo.mp4` níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó ti dé háàdì. Ẹ kàn tún àṣẹ kan náà pa, láìyí lẹ́tà kan padà.

Ẹ má ṣe jáyà bó bá dà bíi pé kò tètè lọ nígbà tí ẹ bá tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ń ka gígábáìtì 35 tó wà nínú háàdì, ó sì ń fi wé ti orísun kó lè mọ̀ bóyá wọ́n bára mu. Ẹni tó bá rò pé ó ti kú, tó sì fa wáyà yọ, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá wàhálà tuntun sílẹ̀. Bí apá tó wà níbẹ̀ bá ti bàjẹ́, `rsync` á rí i, á sì tún fáìlì yẹn kó láti ìbẹ̀rẹ̀. `--append` lásán wà, tí kì í ṣe àyẹ̀wò yìí. Ẹ yẹra fún un, torí á so orí fáìlì tó ti bàjẹ́ mọ́ ìrù tó dára.

Àṣẹ yìí ní ààlà tirẹ̀. Bí ẹ bá padà lọ ṣàtúnṣe sí fáìlì kan nínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ẹ ti kó o, tí ìwọ̀n rẹ̀ ò yí padà tàbí tó dín kù, `--append-verify` á fò ó kọjá, ti àtijọ́ á sì wà nínú háàdì bẹ́ẹ̀. Fún fáìlì tí kò ní yí padà mọ́ ni àṣẹ yìí wà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ iṣẹ́ àtijọ́ di tuntun, ẹ yọ `--no-whole-file` àti `--append-verify` kúrò.

Bí háàdì bá já lójijì

Bó bá jẹ́ wáyà ló já, tàbí háàdì ló kú nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì wà láàyè, ọ̀rọ̀ bíi `Input/output error` ni ẹ ó rí. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ yọ háàdì, ẹ tún un so, kí ẹ sì tún `findmnt` pa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ padà. Nígbà mìíràn háàdì náà á padà wọlé pẹ̀lú orúkọ mìíràn, bíi `IPAMO1`. Ubuntu kì í sábà jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe alábòójútó kọ nǹkan sí ojú ọ̀nà tí kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi `sudo` síwájú àṣẹ yín, `rsync` á ṣí fódà tuntun tó ń jẹ́ `IPAMO` nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, á sì máa da ẹrù síbẹ̀ títí inú kọ̀ǹpútà á fi kún. Iṣẹ́ yìí ò nílò `sudo` rárá.

Bí `findmnt` bá fi `ro` hàn lábẹ́ `OPTIONS`, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti ní kí a máa ka háàdì náà nìkan, ká má kọ nǹkan sí i. Ìjákulẹ̀ ti kàn án nínú nìyẹn. Ẹ má fa wáyà rẹ̀, ẹ fi `umount` tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ tó wà lábẹ́ `SOURCE` ni kí ẹ fi rọ́pò `/dev/sdb1`:

```
sudo umount /dev/sdb1
sudo fsck /dev/sdb1
```

Ẹ má fi `--delete` ṣeré

Àwọn kan máa ń fi `--delete` kún àṣẹ wọn kí háàdì lè rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí `rsync` pa gbogbo ohun tó wà níbi tí ẹrù ń lọ, tí kò sí níbi tó ti ń bọ̀. Bí ẹ bá ṣì kọ ojú ọ̀nà méjèèjì ní ìdàkejì, tí háàdì tuntun tó ṣófo wá di orísun, fódà inú kọ̀ǹpútà ló máa ṣófo. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sì ti ṣèèṣì pa fáìlì kan rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, `--delete` á bá a pa ẹ̀dà rẹ̀ rẹ́ nínú háàdì pẹ̀lú. Ẹni tó kàn fẹ́ gbé iṣẹ́ oníbàárà pamọ́ ò nílò rẹ̀.

Àyẹ̀wò tó fún yín láṣẹ láti nu káàdì

Nígbà tí `rsync` bá parí, á kọ `total size is` sí ìsàlẹ̀. Ìyẹn ò túmọ̀ sí àṣeyọrí. Ẹ wo ìlà tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí `rsync error` níbẹ̀ pẹ̀lú `code 23`, àwọn fáìlì kan wà tí kò lọ dáadáa, orúkọ wọn sì wà lókè níbi tí ojú ẹ̀rọ ti yí kọjá.

Bí kò bá sí àṣìṣe, ó ṣì ku nǹkan kan. Ohun tí `rsync` ní òun ti kọ lè wà nínú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀ kó tó dé ojú háàdì gan-an. Bí iná bá lọ lásìkò yẹn, fáìlì lè ní orúkọ tó yẹ, ìwọ̀n tó yẹ àti déètì tó yẹ, kí inú rẹ̀ sì ṣófo. Nítorí pé ìwọ̀n àti déètì nìkan ni `rsync` máa ń wò, á máa fò irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún àṣẹ pa.

Nítorí náà, ẹ tẹ àmì tí wọ́n fi ń yọ háàdì, ẹ dúró títí kọ̀ǹpútà á fi ní ẹ lè yọ ọ́, kí ẹ yọ wáyà rẹ̀, kí ẹ sì tún un so. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò láìyọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó wà nínú mẹ́mórì ni kọ̀ǹpútà máa kà fún yín, kì í ṣe ti háàdì. Lẹ́yìn tí ẹ bá tún un so, tí `findmnt` sì dáhùn, ẹ pa àṣẹ yìí:

```
rsync -rcni /home/studio/Igbeyawo /media/studio/IPAMO/
```

`-c` ló ní kó ka inú gbogbo fáìlì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó má wo ìwọ̀n àti déètì nìkan. `n` ò jẹ́ kó yí ohunkóhun padà, `-i` sì ní kó dárúkọ ohun tó bá yàtọ̀. Á pẹ́ díẹ̀, torí á ka gbogbo 180 gígábáìtì náà. Bí ìlà kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `>f+++++++++`, fáìlì yẹn ò sí nínú háàdì rárá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `>fc`, ó wà níbẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ yàtọ̀. Èyí ló máa tún méjèèjì ṣe:

```
rsync -rtvhc /home/studio/Igbeyawo /media/studio/IPAMO/
```

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún háàdì yọ, ẹ tún un so, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ọjọ́ tí àṣẹ àyẹ̀wò bá parí láìkọ ìlà kan ṣoṣo tí kò sì mú àṣìṣe wá, ọjọ́ náà ni ẹ̀dà pé. Ẹ ti ní ẹ̀dà méjì nígbà náà, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú háàdì. Bí ẹ bá fẹ́ pa ti inú kọ̀ǹpútà náà rẹ́ kí àyè lè wà, ẹ kọ́kọ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i sórí háàdì kejì, torí háàdì kan ṣoṣo tó bọ́ lulẹ̀ lórí ọ̀kadà lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ lè wá nu káàdì.